Etí Tí A Gé, Etí Tí A Kò Gbọdọ̀ Gé: Bí Mo Ṣe Ka Fọ́tò Páátánì fún Télọ̀

Páátánì orí bébà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́tà méjì níhìn-ín, ọfà kan lọ́hùn-ún, ìlà tó ń já tó ń so, àmì onígun mẹ́ta tí kò ju orí èékánná lọ. Ẹni tó yà á gbà pé ẹni tó máa gé aṣọ ti gbọ́ èdè náà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ télọ̀ tó mọ iṣẹ́ dénú ni kò kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí, torí ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà kọ́ṣẹ́. Wọn a fi téèpù wọn èèyàn, wọn a fi ṣọ́ọ̀kì ya ìwọ̀n náà sórí aṣọ, wọn a sì gé e. Orí wọn ni páátánì wọn wà.

Irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Oníbàárà wọn kan ní páátánì bùláòsì kan lọ́wọ́, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù wọn pé irú èyí gan-an lòun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Àbúrò, wá bá mi wo nǹkan yìí. Mo rí i pé aṣọ ni, mo mọ iwájú, mo mọ ọwọ́. Àwọn àmì ara rẹ̀ ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wí."

Èmi a máa fi páátánì bébà ránṣọ, torí náà ó rọrùn fún mi láti jókòó kí n máa pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó mọ gbogbo lẹ́tà ọ̀hún lórí ṣì lè ba aṣọ jẹ́. Ohun tó yẹ kí télọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nípa etí kọ̀ọ̀kan tó rí nínú àwòrán ni pé: ṣé ibi tí àlùmọ́gàjí máa gbà nìyí, ṣé ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà ni, àbí ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé? Ìlà dúdú kan náà ni wọ́n lè fi ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn lẹ́tà àti ọfà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, torí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbèrò pé kí a fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tóbi tó aṣọ, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò páátánì wà fún kíkà, kò wà fún wíwọ̀n. Bí ẹni tó yà á bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tí kò gbé fóònù sókè gan-an kó dojú kọ bébà gbọnrangandan, apá tó sún mọ́ ọn á tóbi, apá tó jìnnà á súnkì. Lára bébà yẹn, wọ́n ya àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ `5 cm` sí. Iṣẹ́ àpótí yìí ni kí èèyàn fi mọ̀ bóyá bébà tó tẹ̀ jáde pé ìwọ̀n. Mo gbé rúlà lé ojú fóònù, mo wọn etí òkè àpótí náà, mo wọn etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn kò dọ́gba. Àpótí tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba lórí bébà kò dọ́gba mọ́ lórí fọ́tò, èyí sì fi hàn pé kò sí bí a ṣe lè fẹ àwòrán náà tí gbogbo ibẹ̀ máa fi tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá tún ọ̀kan ṣe, òmíràn á wọ́.

A wá bẹ oníbàárà pé kó tẹ́ bébà náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó na téèpù sórí rẹ̀ ní àyà, ní ìbàdí àti ní gígùn, kó kọ iye tó bá rí, kó sì fi ránṣẹ́. A ní kó tún ya ojú ewé tí wọ́n to ìtumọ̀ àwọn àmì sí, pẹ̀lú tábìlì ìwọ̀n, torí fọ́tò àkọ́kọ́ gé e kúrò. Ọwọ́ wá ni ẹ̀gbọ́n mi yóò fi tún un yà sórí bébà ńlá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n yà. Ohun kan tún wà tí mo máa ń yẹ̀ wò: ṣé lẹ́tà ara rẹ̀ ṣe é kà? Fóònù mìíràn wà tí kámẹ́rà iwájú rẹ̀ máa ń sọ ọ̀tún di òsì. Bí lẹ́tà bá ń kà sẹ́yìn, àwòrán ti yí padà nìyẹn, aṣọ tí ìhà rẹ̀ kan bo èkejì yóò sì bò ó sí òdì.

Ìlà ìwọ̀n lóríṣiríṣi ló tún wà lórí bébà kan náà, ìlà gidi fún ìwọ̀n kan, ìlà tó ń já fún òmíràn, ìlà alámì tótòtó fún òmíràn sí i. Fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa á sọ àmì tótòtó di ìlà lásán. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìka lé nọ́ńbà ìwọ̀n oníbàárà, kí wọ́n tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ yípo láì gbé ìka sókè, ní pàtàkì ní abíyá, níbi tí àwọn ìlà náà ti máa ń kóra jọ tí wọ́n sì ń gba ara wọn kọjá. Ẹni tó bá fò láti ìlà kan sí èkejì níbẹ̀ ti gé abíyá ìwọ̀n méjì pọ̀.

Ó wá ku àwọn lẹ́tà. `CF` ni àárín iwájú, ìlà tó gba ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀ sí ìdodo. `CB` ni àárín ẹ̀yìn, ìlà tó tẹ̀ lé ọ̀pá ẹ̀yìn. `RS` ni ojú aṣọ, ìyẹn ibi tí aráyé máa rí, `WS` sì ni òdì rẹ̀, ibi tó máa kan ara. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ rò pé `RS` jẹ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, torí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ọwọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo fi hàn wọ́n pé ibi tí wọ́n ti ń sọ bí a ó ṣe to aṣọ pọ̀ ni lẹ́tà yẹn máa ń wà, àti pé bí a bá rí `RST`, kí a dojú aṣọ kan kọ ojú aṣọ kejì, kí òdì méjèèjì wà níta, kí a tó rán an. Èyí kò ṣàjèjì sí wọn rárá, torí bí wọ́n ṣe ń ránṣọ lójoojúmọ́ nìyẹn. `SA` ni àyè rírán, aṣọ tí a fi sílẹ̀ láàárín ìlà abẹ́rẹ́ àti etí tí a gé. Orí `SA` yìí ni a ti pẹ́ jù.

Lórí àwòrán iwájú bùláòsì náà, wọ́n kọ `CUT 1 ON FOLD`. Ìdajì iwájú ni wọ́n yà, láti àárín ọrùn dé ìhà kan. Ní etí tó gùn tó dúró ṣánṣán, ní `CF`, ọfà kan wà tí orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ kọ́rọ́ sí etí bébà. Ọfà tó tẹ̀ yìí ló ń sọ pé kí a ṣẹ́ aṣọ po, kí a gbé etí yẹn lé ibi tó ṣẹ́po gan-an, kí a má sì gé ibẹ̀. Bí a bá gé yòókù tán tí a tú aṣọ náà sílẹ̀, odindi iwájú kan la máa rí, láìsí ojú rírán láàárín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n fi àyè díẹ̀ síbẹ̀, kó má baà há." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ máa ń fi àyè sí gbogbo etí, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn lára. Mo ní kí wọ́n wò ó: bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí etí ìṣẹ́po, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni yóò wọnú aṣọ nígbà tí a bá tú u, torí ìhà méjèèjì ló máa gbà á. Iwájú á fẹ̀ ní 3, ibi tó sì máa hàn jù ni ọrùn, tí yóò máa já sílẹ̀ níwájú láìní ìdí tí ẹnikẹ́ni lè rí. Bí wọ́n bá sì ṣèèṣì gé ibi ìṣẹ́po náà, ọ̀rọ̀ á yí padà sí òdìkejì: wọ́n á ní láti rán an pọ̀ padà, 1.5 á lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, iwájú á dín ní 3, ojú rírán tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ á sì là á láàárín.

Àwòrán ẹ̀yìn ní etí gígùn tó jọ ti iwájú gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọfà tó tẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni `CB` àti `CUT 2`, àmì kan sì wà ní ìlà náà tó fi ibi tí síìpù máa parí sí hàn. Ìtumọ̀ èyí ni pé etí gígé ni, ojú rírán sì wà níbẹ̀. Nínú fọ́tò, etí méjèèjì dà bí ìbejì. Ẹni tí kò bá wo ọfà lè ṣẹ́ ẹ̀yìn po kó gé e ní odindi, kí síìpù má rí ibi tó máa gbà.

Nígbà tí ìwọ̀n dé láti ọ̀dọ̀ oníbàárà, ìdajì iwájú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26.5 ní àyà, láti etí `CF` dé etí ìhà. Ìdajì ẹ̀yìn jẹ́ 28. Ẹ̀gbọ́n mi ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ìlọ́po méjì 26.5 jẹ́ 53, ìlọ́po méjì 28 jẹ́ 56, àpapọ̀ jẹ́ 109. Wọ́n wò mí. "Àyà obìnrin yẹn kò ju 92 lọ. Aṣọ tó fẹ̀ tó báyìí á máa gbé e kiri. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù."

Ìbéèrè tó tọ́ ni wọ́n bi, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú tábìlì tí oníbàárà yà ránṣẹ́. Tábìlì oríṣi méjì ló wà lára páátánì. Ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n ara èèyàn, níbi tí wọ́n ti kọ 92 fún àyà ìwọ̀n tí a yàn. Èkejì jẹ́ ìwọ̀n aṣọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rán an tán, wọ́n sì kọ 100 síbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 8 tó wà láàárín wọn ni àyè tí ẹni tó wọ aṣọ máa fi mí, tó máa fi gbé apá. Aṣọ tí kò ní nà ni bùláòsì yìí wà fún, nítorí náà àyè yẹn kò pọ̀ jù.

Báwo ni 109 ṣe máa di 100? A ka etí tó máa wọnú ojú rírán ní àyà. Iwájú jẹ́ odindi kan, ìhà rẹ̀ méjèèjì nìkan ló máa rán, àárín rẹ̀ kò ní ojú rírán. Etí méjì nìyẹn, 1.5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3 ti lọ, 53 di 50. Ẹ̀yìn jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní etí ìhà àti etí àárín. Etí mẹ́rin nìyẹn, 6 ti lọ, 56 di 50. 50 àti 50 jẹ́ 100. Ó bá tábìlì mu láìkù síbì kan, a sì ti rí ìdáhùn sí ohun tí fọ́tò kò kọ síbi kankan: páátánì yìí ti ní àyè rírán nínú, 1.5 sì ni. Kò yẹ kí a tún fi òmíràn kún un láìmọ̀, kò sì yẹ kí a dín in.

Páátánì mìíràn wà tí kì í ní àyè rírán nínú rárá. Ìlà abẹ́rẹ́ ni wọ́n yà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún télọ̀ láti fi kún un. Ká ní irú rẹ̀ la gbà, oníbàárà ì bá wọn 25 fún iwájú, 25 fún ẹ̀yìn, àpapọ̀ á jẹ́ 100 gẹ́lẹ́. Ojú ni ó máa ń tàn wá níbí, torí 100 náà dára létí. Bí a bá gé e bẹ́ẹ̀ tí a sì fi 1.5 rán etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 9 máa lọ, aṣọ á ku 91 fún ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 92. Síìpù kò ní pàdé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ṣe ìṣirò yìí kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ: ìwọ̀n bébà, yọ etí tó máa rán, fi wé tábìlì aṣọ tó ti parí. Bó bá bá a mu lẹ́yìn tí a yọ ọ́, àyè ti wà nínú rẹ̀. Bó bá bá a mu ṣáájú kí a tó yọ nǹkan kan, kò sí àyè. Nígbà mìíràn fọ́tò á ràn wá lọ́wọ́, ìlà méjì á wà, èyí tó wà níta á jẹ́ ìlà gidi, èyí tó wà nínú á máa já. Níta la ti ń gé, nínú la ti ń rán. Ṣùgbọ́n àwọn bébà tí ìwọ̀n púpọ̀ bá wà lórí rẹ̀ kì í sábà ya ìlà inú yẹn, torí bébà á dúdú jù.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé `CUT` náà gba àlàyé díẹ̀. `CUT 2` lórí ọwọ́ aṣọ túmọ̀ sí pé ọwọ́ méjì la fẹ́ ní ìparí. Bí a bá ti ṣẹ́ aṣọ po, gígé ẹ̀ẹ̀kan ti fún wa ní méjì, ọ̀tún àti òsì, torí ìpele òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń dojú kọ ara wọn. Ẹni tó bá tún gé e lẹ́ẹ̀kejì á ní mẹ́rin. Bí aṣọ kò bá sì tó ṣẹ́po tí a ń gé e ní ìpele kan, a gbọ́dọ̀ dojú bébà dé nígbà kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì méjì la máa gé. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣọ́ èyí gidi gan-an bí aṣọ bá ní ojú tó yàtọ̀ sí òdì. `CUT 2 ON FOLD` ló máa ń da èèyàn rú jù. Ìlànà ìṣẹ́po ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì la máa ṣe é: gbé e lé ibi ìṣẹ́po, gé, gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, gé, odindi méjì á jáde. Kólà ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa `CF`, torí mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń so ó mọ́ ìṣẹ́po. Nínú bùláòsì yìí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlà `CF` á wà nínú àwòrán, etí bébà á sì kọjá rẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀, torí ìhà kan gbọ́dọ̀ bo èkejì kí bọ́tìnnì tó lè kọ́. Orí ìlà `CF` ni bọ́tìnnì máa jókòó sí. Télọ̀ tó bá gé e ní `CF` ti gé àyè ìbòmọ́lẹ̀ sọnù, iwájú méjèèjì á fẹnu ko ẹnu láìsí ibi tí bọ́tìnnì máa dì mú. Ìyẹn ni pé `CF` ń sọ ibi tí àárín ara wà. Ọfà ló ń sọ ohun tí a máa ṣe níbẹ̀.

Ọfà kejì ni èyí tó dúró ṣánṣán nínú àwòrán, tí orí rẹ̀ méjèèjì kò tẹ̀. Ó wà lórí ẹ̀yìn, ó sì wà lórí ọwọ́. Ìtọ́sọ́nà òwú aṣọ nìyí. Ó gbọ́dọ̀ bá etí aṣọ lọ ní ọgbọọgba, mo ń sọ etí tí aṣọ bá wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí òwú rẹ̀ kì í tú. Fífi ojú wò ó kò tó. A máa ń fi téèpù wọn láti orí ọfà òkè dé etí aṣọ, ká ní 12 ló jẹ́. A gún pínnì síbẹ̀. A wọn láti orí ọfà ìsàlẹ̀ dé etí kan náà. Bó bá jẹ́ 11, a yí bébà díẹ̀ títí yóò fi di 12, kí a tó gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí ọwọ́ aṣọ, ìyàtọ̀ kékeré yẹn kì í hàn lórí tábìlì. Ó di ìgbà tí èèyàn bá wọ̀ ọ́ tí ojú rírán abẹ́ apá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ síwájú, tó sì ń wọ́ bó ti wù kí a lọ̀ ọ́ tó. Lórí fọ́tò tó fì, ọfà náà lè dà bíi pé ó dagun, kó sì mú kí télọ̀ rò pé aṣọ dídagun ni wọ́n ń béèrè. Mo fi hàn wọ́n pé bí gbogbo ìlà yòókù bá fì sí ìhà kan náà, kámẹ́rà ló fì. Páátánì tó bá fẹ́ aṣọ ní ìdagun máa ń ya ọfà rẹ̀ sí ìdajì igun, ní dígíríì 45.

Àwọn àmì onígun mẹ́ta etí abíyá ni ẹ̀gbọ́n mi rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n ti fẹ́ fò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló ń sọ bí ọwọ́ ṣe máa wọnú ihò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ páátánì, àmì kan ṣoṣo jẹ́ ti iwájú, àmì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ ti ẹ̀yìn. Àmì kan lórí ọwọ́ máa pàdé àmì kan lórí iwájú, méjì máa pàdé méjì, àmì róbótó tó wà ní orí ọwọ́ á sì pàdé ojú rírán èjìká.

"Kí ló dé tí mi ò lè kàn rán an bí mo ṣe máa ń rán an?" Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé ọwọ́ tí wọ́n ń yà fúnra wọn máa ń dọ́gba dáadáa. Ti páátánì yìí yàtọ̀. Oníbàárà fi téèpù wọn ìlà tó yí ihò abíyá ká, 46 ló rí lórí ìlà abẹ́rẹ́. Ìlà orí ọwọ́ jẹ́ 49. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹnì kan ṣìṣe, á sì gé 3 kúrò. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn àmì ń sọ. Láti abẹ́ apá dé àmì iwájú jẹ́ 10 lórí ọwọ́, 10 náà lórí iwájú bùláòsì. Láti abẹ́ apá dé àmì ẹ̀yìn jẹ́ 11 lórí méjèèjì. Ìsàlẹ̀ bá ara mu, kò sí àfikún kankan níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù láàárín àmì méjèèjì, láti gba orí èjìká kọjá, jẹ́ 25 lórí ara aṣọ àti 28 lórí ọwọ́. Ibẹ̀ nìkan ni 3 náà wà, ibẹ̀ sì ni èjìká èèyàn ti yọ róbótó. A ó rán ìlà méjì pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ gígùn láàárín àmì wọ̀nyí, a ó fa òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí 28 yóò fi gba inú 25, láìsí ibi tó kóra jọ tó hàn.

Bí a bá fojú fo àwọn àmì náà tí a pín 3 yẹn káàkiri, abẹ́ apá á kóra jọ, orí èjìká á sì fà. Bí a bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, a ó rí i pé àmì kan ń dojú kọ méjì, a ó sì mọ̀ kí a tó rán. Láìsí àmì, ìgbà tí oníbàárà bá na ọwọ́ síwájú la máa mọ̀, torí ìlà iwájú ọwọ́ jìn wọlé ju ti ẹ̀yìn lọ, aṣọ á sì dì í mú ní ẹ̀yìn.

Lórí bí a ṣe ń gé àmì yìí, mo ní èrò tí mi ò lè fi pamọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gé onígun mẹ́ta náà wọnú aṣọ bó ṣe wà lórí bébà. Gígé kékeré kan, tó jìn tó mílímítà 3 sí 4, ti tó. Bí àyè rírán bá jẹ́ mílímítà 15, ó ṣì jìnnà sí ìlà abẹ́rẹ́. Bí aṣọ bá jẹ́ irú èyí tó máa ń tú kíákíá, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà á, tàbí kí wọ́n gé àmì náà jáde síta etí. Ihò tó bá ti dé ìlà abẹ́rẹ́ kò ṣeé dí.

Nígbà tí a kà á tán, ẹ̀gbọ́n mi gbé bébà ńlá jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Wọ́n kọ "má gé" sí etí ìṣẹ́po iwájú. Wọ́n kọ "síìpù" sí àárín ẹ̀yìn. Níbi ìhà, wọ́n dúró. Wọ́n ní 1.5 kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, torí oníbàárà lè sanra lọ́la, àyè kékeré bẹ́ẹ̀ kò sì ní ṣeé tú. Télọ̀ gidi ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Páátánì ilé iṣẹ́ kì í ronú nípa ìtúṣe. A jọ fẹnu kò pé kí àyè ìhà di 2.5, kí ti àárín ẹ̀yìn, ọrùn àti abíyá ṣì jẹ́ 1.5, torí ibi tó bá tẹ̀ kọ́rọ́ kì í fẹ́ àyè púpọ̀, ó máa ń fa aṣọ sókè. Ìdajì iwájú wá di 27.5, ìdajì ẹ̀yìn di 29, àpapọ̀ jẹ́ 113. Etí ìhà mẹ́rin máa gba 10, etí `CB` méjì máa gba 3, ó ku 100 bó ṣe yẹ.

Nígbà tí etí ìhà sún síta báyìí, etí ọwọ́ aṣọ náà gbọ́dọ̀ gba 2.5 ní ojú rírán abẹ́ apá, kí ojú rírán méjèèjì lè pàdé. Àmì tó bá wà létí ìhà pẹ̀lú á tẹ̀ lé e jáde, a ó fi rúlà fa á láti ibi tó wà lórí ìlà abẹ́rẹ́ lọ sí etí tuntun, ní ìbú gbọnrangandan. A wá ṣe ìlà abẹ́rẹ́ ti ìhà ní ṣọ́ọ̀kì àwọ̀ mìíràn lórí òdì aṣọ, kí ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ má baà fi 1.5 rán ibi tí 2.5 wà.